Akọ̀wé owó, akáńtáǹtì, ọ́dítọ̀, agbaninímọ̀ràn owó orí: níbo ni iṣẹ́ wọn ti yà?

Àbẹ̀kẹ́
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Àbúrò mi fẹ́ kọ́ iṣẹ́ ìṣirò owó, àmọ́ orúkọ mẹ́rin ni àwọn èèyàn ń dá fún wa: akọ̀wé owó, akáńtáǹtì, ọ́dítọ̀, agbaninímọ̀ràn owó orí. Ṣé iṣẹ́ kan náà ni àbí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n? Báwo ni wọ́n sì ṣe ń kọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan?

Àjàní
Iṣẹ́ kan náà ni, ipele ló yàtọ̀. Á bẹ̀rẹ̀ bí akọ̀wé owó, á ṣe ìdánwò, á di akáńtáǹtì, tó bá sì pẹ́ nídìí ẹ̀, á di ọ́dítọ̀. Ọ́dítọ̀ ni ọ̀gá gbogbo wọn, òun ló ń mú olè. Ní ti owó orí, kò sí akáńtáǹtì tí kò lè ṣe é. Ọdún kẹfà mi rèé nídìí lẹ́jà, ìwé tí wọ́n ń kọ owó tó wọlé àti èyí tó jáde sí. Ohun tí mo mọ̀ ni pé tí apá òsì àti apá ọ̀tún bá ti bára mu, ìwé ti pé nìyẹn.

Ìyá Ṣọ́ọ̀bù
Àbẹ̀kẹ́, má gba èèyàn mẹ́rin o! Ọjà kékeré kò lè bọ́ èèyàn mẹ́rin. Gba ẹnì kan tó mọ kọ̀ǹpútà, kó máa wá lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Bí èmi ṣe ń ṣe é nìyẹn.

Àbẹ̀kẹ́
Ẹ ṣé mà. Kì í ṣe pé mo fẹ́ gba òṣìṣẹ́, àbúrò mi ló fẹ́ kọ́ iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ tiyín.

Bàbá Lẹ́jà
Àbẹ̀kẹ́, jẹ́ kí n mú ìwé kan ṣoṣo, ká máa wò ó bó ṣe ń ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn. Ó yé èèyàn ju kí n máa sọ ìtumọ̀ orúkọ lọ.

Ká ní ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé kan ra ẹ̀rọ ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje. Gbogbo owó tó wà lórí ìnfọ́ìsì jẹ́ 1,200,000. Owó orílẹ̀-èdè yòówù kó jẹ́, ìṣirò rẹ̀ kò yí padà. Ọ̀nà mẹ́ta ni owó yẹn pín sí: ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ jẹ́ 1,000,000, owó tí wọ́n fi gbé e wá tí wọ́n sì fi tò ó jẹ́ 120,000, àdéhùn pé àwọn tó tà á yóò máa wá tún un ṣe fún ọdún kan gbáko jẹ́ 80,000.

Akọ̀wé owó ni ìwé yìí kọ́kọ́ dé ọwọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ rẹ̀, kó fún un ní nọ́ńbà, kó fi í sínú fáìlì tí èèyàn á ti tètè rí i, kó sì wo ìwé báńkì bóyá iye tó jáde nínú àpò bá iye tó wà lórí ìnfọ́ìsì mu. Akọ̀wé owó ilé iṣẹ́ yìí ṣe gbogbo ìyẹn dáadáa. Àmọ́ ó rí ọ̀rọ̀ náà "àtúnṣe" nísàlẹ̀ ìnfọ́ìsì, ó sì kó gbogbo owó náà sí ojú ewé ìnáwó àtúnṣe. Lápá òsì, dẹ́bíìtì àtúnṣe, 1,200,000. Lápá ọ̀tún, kírẹ́díìtì báńkì, 1,200,000.

Àjàní, ẹ wo ibẹ̀ yẹn dáadáa. Apá òsì bá apá ọ̀tún mu. Kò sí kọ́bọ̀ tó sọnù. Síbẹ̀, nígbà tí ọdún parí ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá, tí wọ́n ṣírò gbogbo owó tó wọlé àti èyí tó jáde, ìwé ń sọ pé ilé iṣẹ́ náà ṣòfò 500,000, bẹ́ẹ̀ kò ṣòfò rárá. Bíbára mu apá méjèèjì máa ń jẹ́ kéèyàn mọ̀ pé ẹnì kan kò kọ apá kan kó gbàgbé apá kejì. Kì í sọ fún èèyàn pé ojú ewé tó tọ́ ni wọ́n kọ nǹkan sí.

Ìgbà tí ìwé dé ọwọ́ akáńtáǹtì ni ìbéèrè mìíràn tó jáde: kí ni owó yìí rà, ìgbà wo la ó sì lo ohun tó rà tán? Ẹ̀rọ kì í ṣe ohun tí a lò tán lọ́dún yìí. Ohun ìní ni. Owó tí wọ́n fi gbé e wá àti èyí tí wọ́n fi tò ó wà lára iye rẹ̀ pẹ̀lú, torí láìsí wọn, kò lè ṣiṣẹ́. Ìlànà ìṣirò owó àgbáyé tí wọ́n ń pè ní IAS 16 sọ bẹ́ẹ̀ gan-an. Nítorí náà 1,120,000 kúrò nínú ìnáwó, ó bọ́ sínú ohun ìní. Akáńtáǹtì wá bi àwọn tó ń lo ẹ̀rọ pé ọdún mélòó ni wọ́n rò pé yóò lò. Wọ́n ní ọdún 7. Ìyẹn ni pé 160,000 ni iye rẹ̀ yóò fi máa dín lọ́dọọdún, àmọ́ ààbọ̀ ọdún ni wọ́n lò ó lọ́dún yìí, nítorí náà 80,000 ló tọ́ sí ọdún yìí. Àdéhùn àtúnṣe náà, oṣù 6 ló ti lọ nínú oṣù 12, nítorí náà 40,000 ni ìnáwó, 40,000 yòókù jẹ́ owó tí wọ́n ti san sílẹ̀ de ọdún tó ń bọ̀.

Ẹ ṣírò rẹ̀. Ìnáwó ọdún yìí lórí ìnfọ́ìsì yẹn jẹ́ 120,000, kì í ṣe 1,200,000. Ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1,080,000. Òfò 500,000 di èrè 580,000. Ìwé kan náà ni, owó kan náà ni, báńkì kan náà ni. Ohun tó yàtọ̀ ni ìdájọ́. Akọ̀wé owó ń kọ ohun tó ṣẹlẹ̀, akáńtáǹtì ń pinnu ohun tí ohun tó ṣẹlẹ̀ túmọ̀ sí.

Mo máa fi ọ́dítọ̀ àti owó orí sílẹ̀ fún àwọn tó ń ṣe é.

Àjàní
Ẹ ṣé, bàbá. Òótọ́ ni, mi ò wò ó lójú ìyẹn rí. Ṣùgbọ́n níbi iṣẹ́ wa, èmi náà máa ń ya ẹ̀rọ sọ́tọ̀ kúrò lára ìnáwó. Ṣé mo ti di akáńtáǹtì nìyẹn?

Bàbá Lẹ́jà
Ẹ ń ṣe lára iṣẹ́ akáńtáǹtì, ẹ sì kú iṣẹ́. Akọ̀wé owó tó já fáfá máa ń mọ̀ ọ́n. Ìbéèrè tí mo máa ń bi àwọn tó wà ní ipò yín ni pé: tí ọ̀gá ilé iṣẹ́ bá ní kí ẹ kọ ọdún 15 dípò ọdún 7 kí èrè lè pọ̀, ta ló ní ẹnu láti kọ̀? Tó bá jẹ́ pé ohun tí wọ́n bá sọ lẹ̀ ń kọ, ẹlòmíràn ló ń ṣe ìdájọ́ nìyẹn.

Àdìó Owó-Orí
Mo rí i pé wọ́n fi apá kan sílẹ̀ fún mi. Iṣẹ́ mi nìyí láti ọdún 11 sẹ́yìn. Àjàní sọ pé kò sí akáńtáǹtì tí kò lè ṣe owó orí. Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé ẹ̀rọ bàbá yìí.

Akáńtáǹtì ti sọ pé èrè jẹ́ 580,000. Èmi kì í gba nọ́ńbà yẹn bẹ́ẹ̀, torí pé òfin owó orí kò sí lábẹ́ ìlànà ìṣirò owó. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, òfin kì í gba ìdínkù iye tí akáńtáǹtì fọkàn rò. Ìdí rẹ̀ kò le: tó bá jẹ́ pé ẹni tó fẹ́ san owó orí ló ń yan iye ọdún fúnra rẹ̀, yóò yan èyí tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Nítorí náà màá dá 80,000 yẹn padà sórí èrè, ó di 660,000. Lẹ́yìn náà ni màá wá yọ iye tí òfin fúnra rẹ̀ fàyè gbà lórí ẹ̀rọ. Ká kàn fi ṣàpẹẹrẹ pé òfin ní kí ẹ yọ ìdá 25 nínú 100 lọ́dún àkọ́kọ́: ìyẹn jẹ́ 280,000. Èrè tí wọ́n máa gbé owó orí lé di 380,000.

Ṣé ẹ rí i pé nọ́ńbà mẹ́ta ló ti jáde lórí ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo? Òfò 500,000 lọ́wọ́ akọ̀wé, èrè 580,000 lọ́wọ́ akáńtáǹtì, 380,000 lọ́wọ́ mi. Méjì tó kẹ́yìn jọ tọ̀nà ni. Èyí àkọ́kọ́ nìkan ló jẹ́ àṣìṣe. Mo máa ń pàdé àwọn oníṣòwò tó rò pé ẹnì kan ti jà wọ́n lólè torí pé èrè tó wà nínú ìwé owó orí wọn kò bá èyí tó wà nínú ìwé ọdún mu.

Èyí tó tún ṣe pàtàkì jùyẹn lọ ni pé ìgbà tí wọn kò tíì ra nǹkan ni mo wúlò jù. Tí ọdún bá parí ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá, rírà ẹ̀rọ ní ọjọ́ 28 àti rírà á ní ọjọ́ 3 oṣù Kìíní lè gbé ìyọkúrò yẹn sí ọdún méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bí wọ́n bá rà á tàbí tí wọ́n bá yá a lò, òfin lè wo ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́nà tirẹ̀. Akáńtáǹtì ń wo ẹ̀yìn, ó ń sọ bí ọdún ṣe rí. Èmi ń wo iwájú, nínú òfin. Tí wọ́n bá mú ìwé wá fún mi lẹ́yìn tí wọ́n ti fọwọ́ sí àdéhùn, ohun tó kù kì í sábà pọ̀.

Bí a ṣe ń kọ́ ọ yàtọ̀ gan-an láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn. Ní Jámánì, Steuerberater ni wọ́n ń pe ẹni tó ń ṣe é, òfin ló sì dáàbò bo orúkọ náà. Ẹni tó ka yunifásítì ní láti ṣiṣẹ́ nínú ọ̀rọ̀ owó orí fún ọdún bíi méjì sí mẹ́ta kí wọ́n tó jẹ́ kó jókòó ṣe ìdánwò. Ìdánwò alákọsílẹ̀ mẹ́ta ni, wákàtí 6 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà ni èyí tí wọ́n ń fi ẹnu dáhùn. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀nà kan wà tí ẹni tí kì í ṣe akáńtáǹtì rárá lè gbà: ìdánwò alápá mẹ́ta tí ilé iṣẹ́ owó orí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí, tí wọ́n fi ń di Enrolled Agent. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹnikẹ́ni lè pe ara rẹ̀ ní agbaninímọ̀ràn owó orí, àmọ́ àwọn tó fẹ́ kí wọ́n fọkàn tán wọn máa ń ṣe ìdánwò ATT, kí wọ́n tó lọ sí ti CTA tó le jù ú lọ. Ọ̀pọ̀ wa wá láti ìdí ìṣirò owó, àwọn kan wá láti ìdí òfin. Ilé òfin ni èmi ti wá, ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo tó kọ́ dẹ́bíìtì.

Ìyá Ṣọ́ọ̀bù
Ọ̀rọ̀ yìí kàn mí gbọ̀ngbọ̀n. Mo fẹ́ yá owó lọ́dún tó kọjá láti fi mú ọjà mi gbòòrò. Wọ́n ní kí n mú ìwé owó ọdún méjì wá, èyí tí ọ́dítọ̀ ti yẹ̀ wò. Mo sọ fún ọmọkùnrin tó ń bá mi kọ ìwé. Ó tẹ gbogbo rẹ̀ jáde, ó kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé òun ti yẹ̀ ẹ́ wò, òun sì rí i pé ó tọ́, ó lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn. Mo sanwó fún un lọ́tọ̀ fún ìyẹn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wọ́n dá ìwé padà, wọ́n ní ẹni tó fọwọ́ sí i kò sí nínú ìwé orúkọ. Ó dùn mí wọra. Ṣé ọmọ yẹn lù mí ní jìbìtì ni?

Àkànkẹ́ Ọ́dítọ̀
Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá. Mi ò lè sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé kò mọ̀. Ohun méjì ló burú nínú ohun tó ṣe.

Èkíní, òun ló kọ ìwé náà. Kò sí bí èèyàn ṣe lè jẹ́ ẹlẹ́rìí lórí iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀. Tó bá ti kó ẹ̀rọ sí ojú ewé àtúnṣe, ojú kan náà tí kò rí i nígbà tó ń kọ ọ́ ni yóò tún fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ìlànà ìwà tí àwọn akáńtáǹtì kárí ayé ń lò ka èyí sí ewu gidi, wọ́n sì fún un ní orúkọ tirẹ̀: ewu yíyẹ iṣẹ́ ara ẹni wò. Ní Amẹ́ríkà, òfin ọdún 2002 tí wọ́n ń pè ní Sarbanes-Oxley kà á léèwọ̀ pátápátá fún ọ́dítọ̀ ilé iṣẹ́ tó wà lórí ọjà ìdókòwò láti tún máa bá ilé iṣẹ́ kan náà kọ ìwé owó.

Èkejì, ní ibi púpọ̀, orúkọ ọ́dítọ̀ tó lè fọwọ́ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀ máa ń wà nínú ìwé orúkọ tí gbogbo èèyàn lè yẹ̀ wò. Ibẹ̀ ni àwọn tó fẹ́ yá yín lówó lọ. Ẹ̀yin náà lè wo ibẹ̀ kí ẹ tó sanwó nígbà mìíràn. Ọmọ yín lè máa bá iṣẹ́ ìwé kíkọ rẹ̀ lọ, tó bá mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹlòmíràn ni kí ẹ mú wá fún àyẹ̀wò.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yẹn, torí mi ò fara mọ́ ohun tí Àjàní sọ pé olè ni à ń mú. Ká ní wọ́n gbé ìwé tí akáńtáǹtì ti tún ṣe wá bá mi, èrè 580,000. Mi ò ní í tún ìwé kọ. Mo máa ń wá ẹ̀rí ni. Màá mú ìnfọ́ìsì lọ́wọ́, màá wọ inú ilé iṣẹ́ lọ, màá ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ hàn mí. Ara irin rẹ̀ ni nọ́ńbà rẹ̀ máa ń wà. Mo ti kúnlẹ̀ sẹ́yìn ẹ̀rọ rí, tí mo ń fi aṣọ nu òróró kúrò lójú irin kékeré kan, kí n lè fi nọ́ńbà ibẹ̀ wé ti orí ìwé. Ìyẹn ló ń jẹ́ kí n mọ̀ pé ẹ̀rọ tó wà nínú ìwé wà nílẹ̀ lóòótọ́. Lẹ́yìn náà màá yí i padà: màá mú ẹ̀rọ mìíràn tó wà nílẹ̀, màá wá a nínú ìwé. Àyẹ̀wò àkọ́kọ́ ń jẹ́ kí n mọ̀ bí wọ́n bá kọ ohun tí kò sí, èkejì ń jẹ́ kí n mọ̀ bí wọ́n bá fi ohun tó wà sílẹ̀. Èèyàn tó bá ṣe ẹyọ kan ṣoṣo nínú méjèèjì ṣe ààbọ̀ iṣẹ́.

Ọdún 7 yẹn wá kù. Màá béèrè pé: irú ẹ̀rọ yìí tí ẹ ní tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Ká ní wọ́n fi ìwé hàn mí pé ọdún 4 péré ni ti tẹ́lẹ̀ lò kí wọ́n tó tà á bí irin àlòkù. Ó di dandan kí n béèrè ìdí tí èyí yóò fi lò tó ọdún 7. Tó bá jẹ́ ọdún 4, ìdínkù ọdún kan jẹ́ 280,000, ti ààbọ̀ ọdún jẹ́ 140,000. Ìyàtọ̀ rẹ̀ sí 80,000 tí wọ́n kọ jẹ́ 60,000. Ṣé 60,000 tó ohun tí à ń jà lé lórí? Ọ̀pọ̀ ọ́dítọ̀ máa ń fi bí ìdá 5 nínú 100 èrè ṣe òdiwọ̀n ìbẹ̀rẹ̀. Ìdá 5 nínú 580,000 jẹ́ 29,000. Nítorí náà ó tó. Màá ní kí wọ́n tún un ṣe, tàbí kí wọ́n fún mi ní ẹ̀rí tó múná dóko. Tí wọn kò bá ṣe èyíkéyìí níbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà yóò hàn nínú ìwé èrò mi tí gbogbo èèyàn máa kà.

Ẹ kíyè sí i pé mi ò sọ pé gbogbo nọ́ńbà tọ́ títí dé kọ́bọ̀. Ohun tí mò ń fọwọ́ sí ni pé kò sí àṣìṣe tó tóbi débi tó lè ṣi ẹni tó ń kà á lọ́nà, bí ẹ̀rí tí mo rí ṣe fi hàn. Ẹni tó jókòó tí òun àti àwọn ẹlòmíràn pawọ́ pọ̀ ṣe ayédèrú ìwé lè tan ọ́dítọ̀ jẹ. Ó ń ṣẹlẹ̀.

Bàbá Lẹ́jà
Àkànkẹ́, iṣẹ́ ńlá lo ṣe. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ọdún 4 yẹn, mi ò gbà tán. Ẹ̀rọ àtijọ́ lè jẹ́ àlòkù nígbà tí wọ́n rà á. Ẹ̀rọ tuntun tó ní àdéhùn àtúnṣe kò lè gbó bákan náà. Akáńtáǹtì tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ yí ọdún padà torí pé ọ́dítọ̀ fajú ro.

Àkànkẹ́ Ọ́dítọ̀
Bàbá, mo gbà pé ó lè rí bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n fi ìwé tí wọ́n fi ra ti àtijọ́ hàn mí, kí n rí i pé àlòkù ni lóòótọ́. Tí mo bá rí i, màá fi ọdún 7 sílẹ̀. Ẹnu lásán ni mi ò lè kọ sínú fáìlì.

Bàbá Lẹ́jà
Kí ẹ bá ẹni tó tà á sọ̀rọ̀ ńkọ́? Ìwé rírà tó ti pẹ́ kì í sí nílẹ̀ mọ́ níbi púpọ̀. Lójú tèmi, ẹnjiníà tó mọ ẹ̀rọ yẹn ló yẹ kó sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀, kì í ṣe ìwé àtijọ́.

Àkànkẹ́ Ọ́dítọ̀
Ẹnjiníà tí ilé iṣẹ́ ń sanwó oṣù fún, àbí ti ìta? Ibẹ̀ ni èmi àti ẹ̀yin ti máa ń yà, bàbá.

Àlàó
Ẹ jẹ́ kí n dá sí i, nítorí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ àti àtúnṣe yìí mú mi rántí WorldCom, ilé iṣẹ́ tẹlifóònù kan ní Amẹ́ríkà. Àṣìṣe akọ̀wé owó inú ìtàn bàbá ni pé ó kó ohun ìní sínú ìnáwó. Àwọn ọ̀gá WorldCom ṣe òdìkejì rẹ̀, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é: owó tí wọ́n ń san fún àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn láti lo wáyà tẹlifóònù wọn, tó jẹ́ ìnáwó oṣooṣù, wọ́n kó o lọ sínú ohun ìní kí èrè lè pọ̀. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹfà ọdún 2002, iye tí wọ́n kọ́kọ́ kéde jẹ́ dọ́là bílíọ̀nù 3.8. Àwọn ọ́dítọ̀ inú ilé iṣẹ́ náà ló tú u fó, Cynthia Cooper ni olórí wọn. Kì í ṣe ọ́dítọ̀ ìta ló kọ́kọ́ rí i.

Nítorí náà kí Àbẹ̀kẹ́ mọ̀ pé oríṣi ọ́dítọ̀ méjì ló wà. Ti ìta ń fọwọ́ sí ìwé fún àwọn onípìn-ín àti àwọn tó ń yáni lówó. Ti inú ń jíṣẹ́ fún ìgbìmọ̀ ilé iṣẹ́ fúnra rẹ̀, ó ń wò bóyá ìlànà iṣẹ́ ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe ìwé ọdún nìkan. Ti inú ni èmi. Mi ò kọ́kọ́ jẹ́ akáńtáǹtì, kọ̀ǹpútà ni mo kọ́ ní yunifásítì. Wọ́n gbà mí torí pé inú ẹ̀rọ ni gbogbo ìwé wà báyìí.

Àjàní
Ó dáa, mo ti gbà pé ọ́dítọ̀ kì í ṣe ọ̀gá akáńtáǹtì. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ ńkọ́? Àbẹ̀kẹ́ béèrè, èmi náà sì fẹ́ mọ̀, torí ọdún 6 kò ní dọ́gba pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí.

Bàbá Lẹ́jà
Ní ti akọ̀wé owó, nídìí iṣẹ́ ni púpọ̀ ti kọ́ ọ, bíi tiyín. Àwọn tó fẹ́ ìwé ẹ̀rí lè gba ti AAT, tó bẹ̀rẹ̀ láti ìpele 2 dé ìpele 4, wọn kò sì béèrè yunifásítì. Kò gùn. Àmọ́ ẹ má rò pé ó rọrùn: ẹni tó ń fi ìwé báńkì wé ìwé owó lóṣooṣù, tí kì í kó ohun tí kò yé e sínú ojú ewé "ẹ ó wò ó tó bá yá", ó ṣọ̀wọ́n. Ojú ewé yẹn ni mo máa ń kọ́kọ́ ṣí tí mo bá fẹ́ mọ irú akọ̀wé tó ń ṣiṣẹ́. Tó bá ti pé oṣù mẹ́ta tí nǹkan wà níbẹ̀, ìṣòro wà.

Ní ti akáńtáǹtì, ọ̀nà tí èmi gbà ni ti ẹgbẹ́ akáńtáǹtì tí wọ́n ń pè ní ACCA. Ìdánwò 13 ni nígbà tèmi, pẹ̀lú oṣù 36 nídìí iṣẹ́ lábẹ́ ẹni tó ń fọwọ́ sí ohun tí mo ṣe. Ẹni tó ti ka ìṣirò owó ní yunifásítì lè bọ́ lọ́wọ́ púpọ̀ nínú 9 àkọ́kọ́, àmọ́ mẹ́rin tó kẹ́yìn, gbogbo èèyàn ló ń jókòó ṣe é. Oṣù 36 yẹn làwọn ọ̀dọ́ máa ń fojú kéré. Mo mọ àwọn tó yege nínú gbogbo ìdánwò, tí wọn kò sì lè gba orúkọ náà torí pé kò sẹ́ni tó fọwọ́ sí iṣẹ́ wọn. Kí àbúrò Àbẹ̀kẹ́ béèrè ìyẹn lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ kó tó gba iṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn.

Àkànkẹ́ Ọ́dítọ̀
Ọ́dítọ̀ ìta ní láti kọ́kọ́ di akáńtáǹtì, ibẹ̀ ni Àjàní ti rí òtítọ́ díẹ̀. Àmọ́ kì í ṣe pé èèyàn pẹ́ nídìí iṣẹ́ akáńtáǹtì kó wá gòkè. Inú ilé iṣẹ́ ọ́dítọ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́, tí mo ń ka ìwé ìdánwò lálẹ́, tí mo ń ka páálí nínú ilé ìkẹ́rùsí lọ́sàn-án. Lẹ́yìn ìdánwò, ó tún gbà mí ní ọdún púpọ̀ kí wọ́n tó fún mi ní ìwé àṣẹ láti fi orúkọ mi sísàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn tí a jọ bẹ̀rẹ̀ kò dúró dé ibẹ̀. Wọ́n gba ìwé ẹ̀rí, wọ́n bọ́ sídìí iṣẹ́ akáńtáǹtì. Nítorí náà ọ̀nà yẹn kì í sábà gba ibi tí Àjàní rò.

Àdìó Owó-Orí
Mo fara mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ kí n fi kún un pé orúkọ lásán lè tan èèyàn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, orúkọ "akáńtáǹtì" náà wà fún ẹnikẹ́ni tó bá wù láti lò. Lẹ́tà tó tẹ̀ lé orúkọ, bíi ACCA tàbí CTA, ni kí ẹ máa wò, kí ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ tó ni ín.

Àbẹ̀kẹ́
Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ka gbogbo rẹ̀ sétí àbúrò mi. Ó ní ti Àkànkẹ́ ló wu òun, nítorí nọ́ńbà ara irin yẹn. Ṣé kó lọ yunifásítì kọ́kọ́, àbí kó bẹ̀rẹ̀ bí akọ̀wé owó?

Àkànkẹ́ Ọ́dítọ̀
Yunifásítì. Ilé iṣẹ́ ọ́dítọ̀ tó tóbi sábà máa ń mú àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde.

Bàbá Lẹ́jà
Akọ̀wé owó fún ọdún kan kọ́kọ́. Àwọn tó wọ ọ́dítọ̀ láìfọwọ́ kan lẹ́jà rí, mo máa ń mọ̀ wọ́n: wọ́n ń béèrè ìwé tí kò sí irú rẹ̀.

Àjàní
Ẹ̀yin àgbà, ẹ má bínú pé mò ń mú tèmi wọlé. Láti àárọ̀ ni ìwé owó mi fi 270 yàtọ̀ sí ti báńkì. Mo ti ka gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mi ò rí ohun tó sọnù.

Bàbá Lẹ́jà
Ẹ fi 9 pín in. Ó pé 30, kò sí àṣẹ́kù. Tí ìyàtọ̀ bá ṣe é fi 9 pín geere, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé nọ́ńbà méjì ló gbapò ara wọn. Ẹ wá ibi tí nọ́ńbà ipò ọgọ́rùn-ún àti ipò ẹ̀wá ti fi 3 yàtọ̀ síra: 410, 520, 630, 740, irú bẹ́ẹ̀. Kò dájú, àmọ́ ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Àjàní
Mo ti rí i! Ọjọ́ 14 oṣù. Owó ọkọ̀, 630 ló jáde ní báńkì, 360 ni mo kọ. Ó ti bára mu báyìí. Ọjọ́ náà ni mo tún rí i pé owó ọkọ̀ yẹn kì í ṣe ti ọjà, ọkọ̀ tó gbé tábìlì ọ́fíìsì tuntun wá ni. Mo ti kó o lọ sínú iye tábìlì.

Bàbá Lẹ́jà
Ẹ lọ béèrè fọ́ọ̀mù ìdánwò.